Ojú Màmá tí wọ́n fọ̀ mọ́ jù: ìdí tí fọ́tò físà fi ń padà wá

Ìbéèrè: "Adó-Èkìtì la wà. Fọ́tò físà Amẹ́ríkà la fẹ́ yà fún màmá mi tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Sítúdíò bá wa fọ ojú wọn mọ́, ó tún sọ ẹ̀yìn fọ́tò di funfun. Wọn ò gbà á. Àbúrò mi wá fi áàpù ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe òmíràn láti inú sẹ́lífì, ó rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò tún gbà á. Ṣebí màmá mi náà ló wà níbẹ̀? Kí gan-an ni wọ́n ń wá?"

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹni tó wà nínú fọ́tò méjèèjì jọ wọ́n, ó tiẹ̀ lè jọ wọ́n débi pé ẹ̀yin ọmọ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Fọ́tò tí a máa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, ẹwà là ń wá nínú rẹ̀. Ti físà, òṣùwọ̀n ni. Télọ̀ tó ń wọn ìbàdí oníbàárà kì í fa okùn mọ́ra kí nọ́ńbà lè dùn ún gbọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé aṣọ wọ̀ ni àṣírí máa tú. Sítúdíò yẹn wọn ojú Màmá tán, ó sì yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Áàpù àbúrò yín kò tilẹ̀ wọn nǹkan kan. Ńṣe ló méfò.

Bí fọ́tò bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ físà, kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń wò ó. Ẹ̀rọ kan máa ń ka ojú náà, á sì sọ ọ́ di àkójọ nọ́ńbà. Nígbà tí arìnrìn-àjò bá dé pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún, kámẹ́rà á ya òmíràn, ẹ̀rọ á sọ ìyẹn náà di nọ́ńbà, á wá fi àkójọ méjèèjì wéra. Ohun tó máa sọ kì í ṣe "òun ni" tàbí "òun kọ́". Máàkì ló máa fún wọn, bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ iléèwé. Bí máàkì bá kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ti fi lélẹ̀, ó di pé ẹnì kan náà ni. Bí kò bá tó o, wọ́n á ní kí ẹni náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí òṣìṣẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó dáadáa.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń wọn àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì, gígùn imú, fífẹ̀ ẹnu. Ti òde òní ń wo ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe gba ìmọ́lẹ̀, bí ìpéǹpéjú ṣe wó, bí awọ ṣe kájọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Nítorí náà, nǹkan tí ẹ rò pé kò kan ìdánimọ̀, bíi wíwẹ̀ awọ mọ́, lè dín máàkì kù lórí fọ́tò ẹni tó ni ín gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò.

Ti sítúdíò: fífọ ojú mọ́ kì í mú ìpara kúrò, ara ojú gan-an ló ń mú kúrò. Bọ́rọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilà ogbó, àpá, àmì abínibí àti ilà ojú. Bí Màmá bá kọ pélé tàbí àbàjà, ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí bọ́rọ́ọ̀ṣì náà máa jẹ, torí ó rí i bí ìlà tó yẹ kó dán. Bẹ́ẹ̀, ilà ni òṣìṣẹ́ físà tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé máa kọ́kọ́ fojú wá. Ó ní páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́, ilà wà lójú fọ́tò inú rẹ̀. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ní ilà. Fọ́tò tó wà nínú fọ́ọ̀mù kò ní. Méjì ti fẹnu kò, ẹ̀kẹta ń sọ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá tún sọ awọ di pupa díẹ̀, tí wọ́n sì fa imú wọlé (àwọn sítúdíò wa fẹ́ràn èyí, wọ́n á ní ẹ̀bùn ni), ìwọ̀n ojú ti yí padà pátápátá.

Yíyí ẹ̀yìn fọ́tò sí funfun kò dà bí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ wo etí irun nígbà tí wọ́n bá gé ènìyàn kúrò nínú ẹ̀yìn kan lọ sínú òmíràn. Irun wa tó ká kò ṣeé fi àlùmọ́gàjí gé. Ẹ̀rọ á gé orí bí ẹni gé páálí, á jẹ díẹ̀ lára etí, á sì fi òjìji funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí èjìká ká. Orí tí wọ́n gé báyìí ti kéré sí orí tó wà lọ́rùn ènìyàn, ibi tí irun àti iwájú orí ti pàdé sì ti sún.

Ti àbúrò yín burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rẹwà jù. Ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán sílẹ̀ kì í tún fọ́tò ṣe. Ó máa wo sẹ́lífì, á wá ya ojú tuntun tó jọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹgbàágbèje ojú tó ti rí rí ṣe kọ́ ọ. Ibi tí ojú Màmá bá ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà máa ń fà á padà sí ohun tó wọ́pọ̀: ojú kan tó kéré ju èkejì á bá a dọ́gba, ètè á tò, eyín á pé. Ohun tó mú ènìyàn yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ló ń sọnù.

Orísun rẹ̀ tún ní àléébù tirẹ̀. Nínú sẹ́lífì, fóònù lè sún mọ́ góńgó imú tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Etí wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 sẹ́yìn imú, ìyẹn 42 sí kámẹ́rà. Ẹ pín 42 sí 30: imú yọ síwájú ní ìlọ́po 1.4 ju bó ṣe yẹ kó rí ní ìfiwéra pẹ̀lú etí. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà kan àbọ̀, 162 sí 150 ni, ìlọ́po 1.08 péré. Ìdí nìyẹn tí imú fi ń wú tí etí sì ń sá sẹ́yìn nínú sẹ́lífì. Áàpù náà gba irọ́ kámẹ́rà gẹ́gẹ́ bí òótọ́, ó wá fi tirẹ̀ lé e.

Ẹ bi mí pé kí ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rù méjì ló ń bà wọ́n, ọ̀kan kan Màmá fúnra wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n má baà dá ẹni tó ni físà dúró lẹ́nu ibodè torí pé ojú rẹ̀ kò bá ti fọ́tò mu. Ẹ̀rù kejì ni pé kí ènìyàn méjì má baà máa jẹ́ orúkọ kan.

Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Bolóńyà ní Ítálì ṣàlàyé bí a ṣe lè po ojú ènìyàn méjì pọ̀ sínú fọ́tò kan tí ẹ̀rọ á fi rò pé àwọn méjèèjì ni. Ojú tí wọ́n pò náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó kàn sún mọ́ méjèèjì débi tí máàkì fi kọjá ìwọ̀n. Ẹni tí kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn lè fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gba páàsìpọ́ọ̀tù tòótọ́, kó wá gbé e fún ẹni tí wọ́n ń wá. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú: ìjọba ló tẹ̀ ẹ́, fọ́tò inú rẹ̀ nìkan ló ń purọ́. Ní 2018, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Jámánì tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Peng! fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán: wọ́n po ojú ọ̀kan nínú wọn mọ́ ti Federica Mogherini, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà, wọ́n sì fún ẹni náà ní páàsìpọ́ọ̀tù. Láti oṣù karùn-ún 2025, Jámánì kò gba fọ́tò títẹ̀ tí ènìyàn gbé lọ́wọ́ wá fún páàsìpọ́ọ̀tù mọ́. Yálà kí wọ́n yà á ní ọ́fíìsì, tàbí kí ayàwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí fi ránṣẹ́ tààrà láti orí ẹ̀rọ. Táyé àti Kẹ́hìndé nìkan ni Ọlọ́run fún ní ojú kan náà láìlo kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì ń ṣe wàhálà lórí wọn di òní.

Ẹ ó sọ pé ẹ kò po ojú ẹnikẹ́ni mọ́ ti Màmá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ tó dán bíi díńgí ni àmì tí àdàpọ̀ ojú máa ń fi sílẹ̀, torí pé pípo méjì pọ̀ máa ń pa ihò awọ àti ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́. Òṣìṣẹ́ tó rí i kò lè mọ̀ bóyá ọmọ onífẹ̀ẹ́ ló ṣe é tàbí ọ̀daràn. Àwọn ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà tún máa ń fi ojú tuntun wá inú fọ́tò àwọn tó ti bèèrè rí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ti wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ojú tí ẹ̀rọ fà sún mọ́ ohun tó wọ́pọ̀ lè jọ ojú obìnrin kan tí Màmá kò mọ̀ rí, tó ti ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ẹ kò ní fẹ́ kí wọ́n lọ máa ṣàlàyé ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ kò le tó bí ènìyàn ṣe rò. Ẹ fẹ fọ́tò náà lójú fóònù títí ojú á fi kún gbogbo gíláàsì. Bí ẹ kò bá rí ihò awọ lórí imú, tí irun ìpéǹpéjú bá lẹ̀ mọ́ra bíi kíkùn, tí yẹtí ọ̀tún kò bá ti òsì mu, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn nínú ẹyinjú kan bá ti ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti èkejì wá, ẹ ti rí ohun tí wọ́n rí. Ẹ tún wo ẹ̀yìn: ògiri tòótọ́ máa ń ṣú díẹ̀ ní igun kan, èyí tó funfun bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ló kùn ún. Àwọn áàpù kan sì máa ń kọ orúkọ ara wọn sínú fáìlì fọ́tò, níbi tí ojú kò dé.

Ohun tí wọ́n gbà yín láàyè láti ṣe sí fọ́tò kò pọ̀: ẹ lè gé e sí ìwọ̀n, ẹ lè dín in kù, ẹ lè fún fáìlì rẹ̀ pọ̀ kó fúyẹ́. Ó tán. Ìlànà Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé kí ènìyàn má fi kọ̀ǹpútà, áàpù, fílítà tàbí ọgbọ́n àtọwọ́dá yí fọ́tò padà.

Ìdí tí sítúdíò fi ń fọ ojú mọ́ níbí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ fáàrí. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ojú á wá ṣú bí ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ayàwòrán tí kò tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kí ó tó yà á ló máa fi kọ̀ǹpútà bó ojú lẹ́yìn náà. Ẹ tún un ṣe níbi yíyà, kò ní sí ohun tí ẹ máa bó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nílé nìyí. Ẹ wá ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn tàbí kí ẹ ta aṣọ funfun tí kò ní ìṣẹ́po, kì í ṣe léèsì. Kí Màmá jìnnà sí i tó bí ìdajì mítà ó kéré tán, kí òjìji wọn má baà balẹ̀ sí i. Kí wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé ńlá tó ṣí sílẹ̀, ní bí agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn má wọlé tààrà. Bí apá kan ojú bá ṣú, kí ẹnì kan na aṣọ funfun mìíràn dání lápá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ta padà. Ẹ pa gílóòbù pupa iná ilé, ó ń sọ awọ di àwọ̀ epo. Ẹ lo kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù, kì í ṣe tiwájú, kó wà lórí nǹkan tó ga tó ojú Màmá, ní nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ sí mítà kan àbọ̀. Ẹ wọ inú kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Beauty sí, ẹ fà á wá sí 0. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa, ó ti wà ní títàn láti ìgbà tí ẹ ti rà á, ó ń fọ ojú kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tẹ ojú Màmá lórí gíláàsì fóònù, ẹ fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè díẹ̀ títí ẹ ó fi rí awọ bó ṣe rí gan-an.

Kí wọ́n bọ́ awò ojú. Láti 1 oṣù kọkànlá 2016 ni Amẹ́ríkà kò ti gba awò nínú fọ́tò físà. Gèlè kò gbà, àyàfi ìbòrí tí ẹni náà ń wọ̀ lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀sìn, kí gbogbo ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n sì hàn láìsí òjìji. Kí ojú méjèèjì là, kí ẹnu pa dé, kí wọ́n wo kámẹ́rà tààrà.

Ìwọ̀n ló kù. Ti orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ igun mẹ́rin tó dọ́gba, láti píkísẹ́lì 600 sí 1200 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, JPEG, kí fáìlì má ju kílóbáìtì 240 lọ. Láti àgbọ̀n dé àtàrí gbọ́dọ̀ kó ìdá 50 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún gíga fọ́tò. Ẹyinjú gbọ́dọ̀ wà ní ìdá 56 sí 69 láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ká ní fóònù yín ya fọ́tò 3000 sí 4000, tí orí Màmá nínú rẹ̀ gùn ní píkísẹ́lì 540. A fẹ́ kó jẹ́ ìdá 60: 540 pín sí 0.6 jẹ́ 900. Ẹ gé e sí 900 sí 900. Ẹyinjú máa ń wà ní àárín orí, ìyẹn 270 lókè àgbọ̀n. Bí ẹ bá fi àgbọ̀n sí 288 láti ìsàlẹ̀, ẹyinjú bọ́ sí 558, ìdá 62 nìyẹn. Àtàrí bọ́ sí 828, 72 á ṣẹ́kù lókè rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ kò sì fẹ ohunkóhun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí kaféè lórí WhatsApp. WhatsApp máa ń dín in kù, ká ní ẹ̀gbẹ́ gígùn tó jẹ́ 4000 di 1600. Orí tó jẹ́ 540 á di 216, igun mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ 900 á di 360, kò sì tó 600 mọ́. Ọmọ kaféè á wá sọ ọ́ sínú áàpù tó ń mú fọ́tò mọ́lẹ̀ kedere. Áàpù yẹn kò ní ibi tí ó ti máa rí awọ tó sọnù. Ó máa dá a sílẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ṣe ń di ayédèrú ojú. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kí ẹ gbé fóònù lọ kí wọ́n fi okùn fà á jáde.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fọ́ọ̀mù DS-160 tí a fi ń bèèrè físà tàn yín bó bá gba fọ́tò. Ìwọ̀n ló yẹ̀ wò, kò mọ bóyá ilà ojú ti sọnù. Ènìyàn tó wà ní fèrèsé ní Èkó tàbí Àbújá ló máa sọ ìyẹn, lẹ́yìn tí ẹ ti rin ìrìn àjò láti Adó. Bí ó bá kọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà òmíràn ló máa ní kí ẹ mú wá, ọ̀rọ̀ á kàn fà nílẹ̀. Ẹ̀sùn irọ́ pípa, tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn títí láé, ti àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ẹlòmíràn tàbí àdàpọ̀ ojú tan wọn jẹ ni.

Páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà náà kò yàtọ̀ nínú èyí. Látìgbà tí ìlànà orí ẹ̀rọ ti dé ní 2024, ẹni tó ń bèèrè ló ń fi fọ́tò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó lọ tẹ̀ka ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, ojú yẹn ló sì máa wà nínú ìwé fún gbogbo ọdún tí ìwé náà bá fi wúlò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya tuntun, ẹ tẹ méjì jáde sórí pépà fọ́tò, ínṣì méjì sí méjì, kí orí gùn ní mílímítà 25 sí 35 (ìdá 60 wa jẹ́ bíi 31). Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sítúdíò máa ń gé e sí ìwọ̀n tó wù ú. Kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀. Ẹ fi méjèèjì sínú àpò ìwé pẹ̀lú páàsìpọ́ọ̀tù, kí Màmá mú un dání lọ sí fèrèsé, kí fọ́tò àkọ́kọ́ tí ẹ kò tíì gé sì wà nínú fóònù yín. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú òmíràn wá, wọn ò ní padà sí Adó torí rẹ̀.